Oníbàárà ní "iṣẹ́ kékeré kan ni": bí ẹ ṣe máa mọ ohun tó fẹ́ gan-an kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè tí mo ń rí gbà jù lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ ìkànnì fún oníbàárà kò jẹ mọ́ kóòdù rárá. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé: "A ti fẹnu kò sórí owó, iṣẹ́ ti ń lọ, àmọ́ ojoojúmọ́ ni oníbàárà ń fi nǹkan kún un. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé ó tó?" Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn nínú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti débẹ̀, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló yẹ kí ẹ ti mọ ààlà iṣẹ́ náà, nígbà tí ẹ ò tíì kọ ìlà kóòdù kan.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Láàárín ẹbí, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nínú iṣẹ́ oníbàárà, òun gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Àbọ̀ tí oníbàárà sọ á di odidi kan nínú tiyín, á di odidi mìíràn nínú tirẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá gbé iṣẹ́ dé iwájú rẹ̀ lẹ ó tó mọ̀ pé odidi méjèèjì ò bára mu.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni màá lò láti òkè dé ìsàlẹ̀: olùkọ́ dùùrù kan tó fẹ́ ìkànnì. Bí iṣẹ́ tiyín bá jẹ́ yíya àwòrán tàbí kíkọ sọ́fúwíà, ọ̀nà kan náà ni.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ pẹ̀lú oníbàárà, lójúkojú tàbí lórí fóònù.
- Bébà àti bírò. Bí ẹ bá ń tẹ kọ̀ǹpútà bó ṣe ń sọ̀rọ̀, á máa dúró dè yín, á sì máa gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú.
- Ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn ìjókòó náà, kí ẹ lè kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀.
- Ẹnu tó lè pa mọ́ lórí owó títí di Ìgbésẹ̀ 5.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fa ìlà sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó lóyún

Iṣẹ́ tí olùkọ́ náà fi ránṣẹ́ rèé:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mo fẹ́ ìkànnì kékeré kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi á ti máa mú àkókò fúnra wọn. Kó ṣáà rọrùn, bíi ti àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Kó máa rán wọn létí àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò le, ẹ kàn máa bá mi ṣe é ni."

Ẹ má tíì dá a lóhùn. Ẹ tún un kà, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí èèyàn méjì lè gbọ́ lọ́nà méjì. Ọ̀rọ̀ tó lóyún ni mò ń pè é, torí ẹ ò tíì mọ iye ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Èyí ni mo fa ìlà sí:

1. Kékeré. Ṣé ojú ewé kan ni àbí mẹ́wàá? Lójú oníbàárà, ohun tí kò bá gba àyè lójú fóònù kéré. Bẹ́ẹ̀ kàlẹ́ńdà tó ń mọ ìgbà tí àyè ṣófo lè gba ọjọ́ mẹ́wàá iṣẹ́ láìgbà ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ.
2. Akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ṣé àwọn tó ti ní tẹ́lẹ̀ nìkan ni, àbí ẹnikẹ́ni tó bá yà síbẹ̀?
3. Mú àkókò. Ṣé kí wọ́n kàn béèrè, kí òun wá fọwọ́ sí i, àbí bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti di tiwọn? Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì nìyẹn.
4. Bíi ti àwọn lágbájá. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ìkànnì wọn. Kí ni ó rí níbẹ̀ tó wù ú? Ẹ máa ń bá a pé ohun kan péré ni. Tirẹ̀ ni pé àyè tó ti kún máa ń ní àwọ̀ eérú, kò sì ṣeé tẹ̀.
5. Àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ló burú jù nínú gbogbo wọn. Ohun tí òun náà ò tíì rò ló dì sínú rẹ̀.
6. Kàn. Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí gidigidi. "Ẹ kàn bá mi fi síbẹ̀." "Ó kàn máa rán wọn létí ni." Oníbàárà ò fi tàn yín jẹ. Ohun tó ń sọ ni pé òun ò rí iṣẹ́ tó wà lábẹ́ nǹkan náà. Níbi tí ẹ bá ti gbọ́ "kàn", ibẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè.

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà nínú iṣẹ́ ìlà mẹ́rin. Ó máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń wọlé pẹ̀lú "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní páswọ́ọ̀dù? Ṣé ẹ fẹ́ kó máa fi íméèlì ránṣẹ́?" Béèyàn bá bi mí bóyá mo fẹ́ nǹkan tí mi ò tíì mọ iye rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni màá sọ. Oníbàárà náà á sọ bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì fi ìbéèrè kún iṣẹ́ yín.

Dípò èyí, ẹ ní kó sọ ìtàn ìgbà tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Mà, ẹ rántí akẹ́kọ̀ọ́ tó mú àkókò lọ́dọ̀ yín kẹ́yìn. Báwo ló ṣe lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Ìyá ọmọ kan ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lálẹ́ Sátidé. Mo ti sùn. Nígbà tí mo jí, mo wo ìwé tí mo ń kọ àkókò sí, mo ní kó mú ọmọ náà wá ní aago mẹ́rin ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ó wá?"

"Ó wá. Ọmọ mìíràn náà sì wá ní aago mẹ́rin yẹn! Ọkọ mi ló gba ìpè lórí fóònù, ó ti fún wọn láyè, kò kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyá méjì dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ojú gbà mí tì."

Ẹ wo bí ohun tí ẹ gbọ́ ti pọ̀ tó. Òbí ló ń mú àkókò, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Èèyàn méjì ló ń fúnni láyè, torí náà ọkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè wọlé síbẹ̀. Pàtàkì jù lọ, ohun tó ń dà á láàmú ni kí ọmọ méjì má pàdé ní wákàtí kan náà. Kò dárúkọ ẹwà, kò dárúkọ owó sísan. Bí ìkànnì náà bá rẹwà bí òdòdó, tí ìyá méjì tún pàdé lẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ yín ti bàjẹ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá sọ ìtàn tán, ìbéèrè kejì nìyí: "Ìgbà wo ni kì í lọ bẹ́ẹ̀?" Ẹ bi í, kí ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ títí tí ara á fi fẹ́ máa ni yín. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni iṣẹ́ tó fara pamọ́ ti máa ń jáde. Ohun tí olùkọ́ wa sọ ni:

- Àwọn kan ní wákàtí tí kì í yẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 gbáko ni wọ́n ń wá lọ́jọ́ kan náà.
- Ìyá kan ní ọmọ mẹ́ta níbẹ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ léra wọn.
- Ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé jẹ́ ìṣẹ́jú 30, ti àgbà jẹ́ 60.
- Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń gbé ní orílẹ̀-èdè mìíràn, orí fídíò ló ti ń kọ́ ọ.
- Àwọn kan máa ń fagi lé ẹ̀kọ́ ní wákàtí kan ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ti ẹni tó wà ní òkè òkun yẹn, torí ó jọ ohun kékeré. Àwọn orílẹ̀-èdè kan máa ń sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan, kí wọ́n tún dá a padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sì ń ṣe é pàápàá, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń yí i lọ́jọ́ kan náà. Nítorí náà, "aago mẹ́rin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀" á di aago mẹ́ta tàbí márùn-ún fún ẹnì kan nínú wọn láàárín ọdún. Aago ti ta ni ìkànnì á máa tẹ̀ lé? Ìdáhùn olùkọ́ kò gba ìṣẹ́jú kan: "Aago tèmi. Kí òun máa ṣírò tirẹ̀." Ìṣẹ́jú kan yẹn gba ọjọ́ méjì iṣẹ́ là. Ká ní mi ò béèrè ni, màá ti kọ́ èyí tó ń yí aago fún oníkálukú, ó ṣeé ṣe kó má nílò rẹ̀ láé.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yẹ igun márùn-ún wò

Ìtàn kì í kan gbogbo ibi. Àwọn igun kan wà tí oníbàárà ò ní dárúkọ láìjẹ́ pé ẹ bi í, torí kò mọ̀ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀.

1. Ta ló ń fọwọ́ sí i? Ẹ béèrè orúkọ ẹnì kan. Kì í ṣe "àwa".
2. Ta ló ń mú ọ̀rọ̀ àti fọ́tò wá, ọjọ́ wo? Bí kò bá sí ọjọ́, iṣẹ́ yín á parí, á sì jókòó bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.
3. Ohun tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Olùkọ́ wa ní akẹ́kọ̀ọ́ 40 nínú ìwé. Ta ló máa tẹ̀ wọ́n sínú kàlẹ́ńdà tuntun?
4. Kí ni yóò máa ná an lẹ́yìn tí ẹ bá lọ? Íméèlì ìránnilétí kì í fi bẹ́ẹ̀ náni lówó, àmọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ní iye lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ 40, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12, àtẹ̀jíṣẹ́ 480 nìyẹn. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní íméèlì tó.
5. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti fà á lé e lọ́wọ́, títí dìgbà wo ni ẹ ó máa tún un ṣe? Ọjọ́ 30 ni mo máa ń kọ.

Èyí àkọ́kọ́ ti jẹ mí níyà rí. Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ṣe lógò àti ojú ewé kan fún oníbàárà kan, mo sì fi ìgbéraga kọ ọ́ sínú àdéhùn pé "àtúnṣe títí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn". Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà náà ló wá ní òun fẹ́ fi han ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ àwọ̀ búlúù. A yí i padà. Ẹ̀gbọ́n fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìgbà kẹsàn-án ni a tó parí, a sì parí sí búlúù. N kò lè bínú sí ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Láti ìgbà yẹn, ohun tó wà nínú ìwé mi ni orúkọ ẹnì kan, àti àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sí ojú ewé kan

Ojú ewé kan, méjì bó bá pọ̀ jù. Oníbàárà kì í ka ìwé ojú ewé 15. Á kàn buwọ́ lù ú ni, ìbuwọ́lù ẹni tí kò ka ìwé ò sì ní gbà yín lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ ọ́: bó bá ní "kí àwọn ìyá méjì má pàdé", bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́.

Ìwé olùkọ́ wa rèé, mo gé e kúrú:

Ìdí iṣẹ́ yìí: Kí a má fún ọmọ méjì ní wákàtí kan náà mọ́.

Ó wà nínú rẹ̀:
- Kàlẹ́ńdà kan tí òbí lè tẹ láti mú ìṣẹ́jú 30 tàbí 60.
- Wákàtí tí kò yẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12. Olùkọ́ nìkan ló lè fi èyí sí i.
- Òbí kan lè fi orúkọ ọmọ tó pọ̀ sílẹ̀.
- Olùkọ́ àti ọkọ rẹ̀ lè wọlé láti fúnni láyè tàbí gba àyè padà.
- Íméèlì ìránnilétí kan, wákàtí 24 ṣáájú ẹ̀kọ́.

Kò sí nínú rẹ̀:
- Sísan owó lórí ìkànnì. Ọwọ́ ni wọ́n ṣì ń san án sí.
- Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù.
- Yíyí aago padà fún ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn.
- Títẹ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ 40 sínú rẹ̀. Olùkọ́ ló máa ṣe é, èmi á fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ohun tí mo gbà gẹ́gẹ́ bí òótọ́: Olùkọ́ á fún mi ní ọ̀rọ̀ àti fọ́tò mẹ́fà kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí. Bí ó bá pẹ́ ní ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ ìparí á sún síwájú ní ọjọ́ márùn-ún.

Apá "Kò sí nínú rẹ̀" ló níye lórí jù nínú ìwé náà, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ojú máa ń tì wọ́n, ó dà bí ẹni ń ṣahun. Àmọ́ nígbà tí olùkọ́ náà kà á, ibẹ̀ gan-an ló ti dúró. Ó ní, "Ẹ dúró ná, akẹ́kọ̀ọ́ 40 yẹn, mi ò ní àyè láti tẹ̀ wọ́n." Ọ̀rọ̀ yẹn jáde kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú. A fi wákàtí mẹ́ta kún un, a sì gbé e lọ sí apá òkè.

Bí "ó wà nínú rẹ̀" àti "kò sí nínú rẹ̀" ò bá tó, ẹ lè lo ọ̀nà MoSCoW tí Dai Clegg gbé kalẹ̀ ní 1994. Ìsọ̀rí mẹ́rin ló ní: ohun tí kò ṣeé má ní, ohun tó yẹ kó wà, ohun tó lè wà bí àyè bá gbà, àti ohun tí a ò ní ṣe lẹ́ẹ̀kan yìí. Ó dára fún iṣẹ́ ńlá. Fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìsọ̀rí méjì tó mi.

### Ẹ kọ ìdánwò sí ẹ̀gbẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan

Ohun tó bá wà nínú iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí ẹ̀yin méjèèjì fi lè mọ̀ pé ó ti parí. Ẹ kọ ọ́ bí ìtàn kékeré tí èèyàn lè ṣe lójú fóònù:

"Bí òbí kan bá ti mú aago 4:00 ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí òbí mìíràn sì tẹ aago 4:00 yẹn kan náà, kò ní rí i gbà. Á rí ọ̀rọ̀ pé àyè náà ti kún, á sì rí àwọn àyè tó ṣẹ́ kù lọ́jọ́ yẹn."

Nígbà tí mo ń kọ ìyẹn ni mo tó rí ohun tí a ò tíì sọ: bí òbí méjì bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Àti pé ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú 60 tó bẹ̀rẹ̀ ní 3:30 ti jẹ 4:00 mọ́lẹ̀. Àǹfààní ìdánwò nìyẹn, ó máa ń tú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín rò pé ó ti yé yín. Bí ẹ bá rí nǹkan kan tí ẹ ò lè kọ ìdánwò fún, bíi "kó rọrùn", ẹ padà lọ béèrè. "Ó rọrùn" di èyí: "Òbí tí kò lò ó rí lè mú àkókò láìpe ẹnikẹ́ni, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ." A lè fi òbí méjì dán ìyẹn wò.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ìgbà yìí ni owó, ìgbà yìí ni ìfọwọ́sí

Barry Boehm, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ sọ́fúwíà tí wọ́n mọ̀ dáadáa, ṣàlàyé ní 1981 pé iye tí a bá fojú bù nígbà tí iṣẹ́ ṣì jẹ́ èrò lásán lè fi ìlọ́po mẹ́rin yà kúrò ní òtítọ́, ìbáà jẹ́ sókè tàbí sísàlẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ pè ní ọjọ́ mẹ́wàá lè di ogójì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ pa ẹnu mọ́ lórí owó. Iye àkọ́kọ́ tí oníbàárà bá gbọ́ lòun á máa rántí.

Bó bá tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ dárúkọ nǹkan kan, ẹ sọ pé: "Mà, ohun tí mo gbọ́ títí di ìsinsìnyí lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lè gba mẹ́fà. Lẹ́yìn tí a bá jọ ka ìwé tí mo máa kọ, màá fún yín ní iye kan ṣoṣo."

Kí ẹ tó gbowó, ẹ yẹ èyí wò:

- [ ] Ó ti ka ìwé náà, ó sì ti yí ó kéré tán nǹkan kan padà. Ìwé tí oníbàárà ò rí àléébù kankan nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má kà á.
- [ ] Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló dáhùn pé "mo gbà", nínú íméèlì tàbí lórí ìwé.
- [ ] Iye àtúnṣe wà níbẹ̀.
- [ ] Ọ̀nà tí a ó gbà ṣe àfikún wà níbẹ̀.

Lórí èyí tó gbẹ̀yìn, ìlà méjì tó: "Ohun tí a kọ síbí tí kò bá ṣiṣẹ́, èmi ló máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a kò kọ síbí, àfikún ni, a ó sì jọ sọ iye rẹ̀ kí n tó ṣe é." Bí ìyàtọ̀ méjèèjì yìí bá ti wà lórí ìwé, ìjà "ó bàjẹ́" àti "mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀" ti dínkù gan-an.

## Ìgbésẹ̀ 6: Nígbà tí "ẹ kàn bá mi fi" bá dé

Á dé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, olùkọ́ wa kọ̀wé pé: "Sà, ẹ kàn bá mi fi ibi tí wọ́n á ti máa sanwó síbẹ̀."

Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má sì sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó fà á. Ó ní òbí kan ti jẹ gbèsè oṣù méjì, òun sì gbàgbé láti béèrè. Ẹ rí i? Kì í ṣe ìsanwó lórí ìkànnì ni ìṣòro rẹ̀, àkọsílẹ̀ ẹni tó jẹ gbèsè ni. Ìsanwó gidi á mú akáǹtì lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba owó lórí ayélujára wá, á mú dídá owó padà fún ẹni tó fagi lé ẹ̀kọ́ wá, á mú risíìtì àti owó tó há sí agbede méjì wá. Mo ṣírò rẹ̀ sí wákàtí 18. Àmì "ó ti san" tí olùkọ́ lè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ kò ju wákàtí méjì lọ.

Ìdáhùn tí mo kọ sí i:

"Ẹ ṣeun mà. Ìsanwó wà ní apá 'kò sí nínú rẹ̀' nínú ìwé wa, ṣùgbọ́n a lè ṣe é. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́, kí n fi àmì 'ó ti san' síbẹ̀ ní wákàtí méjì, kí a yọ íméèlì ìránnilétí kúrò, iye àti ọjọ́ ò ní yí padà. Èkejì, kí n fi àmì náà kún un, owó wákàtí méjì á gun orí rẹ̀, ọjọ́ ìparí á sún síwájú ní ọjọ́ kan. Ẹ̀kẹta, kí a parí èyí tó wà lọ́wọ́, kí a wá ṣe ìsanwó gidi lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọ̀tọ̀, wákàtí 18. Èwo ni ká mú?"

Ó mú èkejì. Kò sí ariwo kankan. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ níbẹ̀ ni pé ìdáhùn náà kò kọ̀, kò sì fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbé iye rẹ̀ kalẹ̀, ó sì jẹ́ kí oníbàárà yàn.

## Àṣìṣe tí mo ń rí lemọ́lemọ́

Fífi fọ́ọ̀mù ìbéèrè 40 ránṣẹ́. Oníbàárà á dáhùn mẹ́wàá, á fi "bó bá ṣe wù yín" dáhùn ìyókù. Ìbéèrè mẹ́jọ lójúkojú dára jù ú lọ.

Ṣíṣe ojú rere ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹ fẹ́ fi wákàtí kan ta á lọ́rẹ, kò burú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé owó: "àfikún bọ́tìnì ìtẹ̀wé, wákàtí kan, ọ̀fẹ́". Bí ẹ ò bá kọ ọ́, kò ní mọ̀ pé ẹ ta òun lọ́rẹ. Á gbà pé bí iṣẹ́ yín ṣe rí nìyẹn, á sì retí rẹ̀ nígbà mìíràn.

Fífi ìpinnu sílẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn ìpè, ẹ kọ ìlà mẹ́ta ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an: ohun tí a sọ, ohun tó yí padà, ẹni tó máa ṣe kí ni.

Kíka ìdákẹ́jẹ́ oníbàárà sí "mo gbà". Ẹni tó dákẹ́ kò tíì gbà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀.

## Bí oníbàárà fúnra rẹ̀ ò bá mọ ohun tó fẹ́

Èyí wọ́pọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ má fi iye kan ṣoṣo dè é. Ọ̀nà méjì ni mo ti lò.

Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ ta ìwádìí náà fún un gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kékeré tó dá dúró: ọjọ́ méjì, owó rẹ̀ lọ́tọ̀, ohun tó máa gbà ni ìwé Ìgbésẹ̀ 4 àti àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi bírò yà. Bí kò bá fẹ́ bá yín lọ mọ́, ó lè gbé ìwé náà tọ ẹlòmíràn lọ. Àwòrán bírò ṣe pàtàkì níbẹ̀. Bó bá rí èyí tó ti ní àwọ̀ tó dán, àwọ̀ lá máa bá yín sọ. Bó bá rí ti bírò, á sọ ohun tó kù.

Èkejì ni kí ẹ máa gbowó wákàtí, kí ẹ sì fi ààlà sí i: wákàtí 20, lẹ́yìn náà a ó jókòó wo ohun tó ti jáde kí a tó tẹ̀ síwájú. Ẹ sọ fún un nígbà tí wákàtí 15 bá pé, kó má jẹ́ ogún ló máa já a láyà.

Bí oníbàárà bá kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè, tó kọ̀ láti sanwó ìwádìí, tó kọ̀ owó wákàtí, tó sì ń sọ pé "ẹ ṣáà bẹ̀rẹ̀, á máa yé wa lójú ọ̀nà", mo máa ń kọ íméèlì kúkúrú kan sí i pé n kò lè dárúkọ iye fún ohun tí n kò tíì mọ̀, àti pé ìwé mi wà nílẹ̀ nígbàkígbà tó bá ṣe tán. Àwọn kan padà wá lẹ́yìn oṣù méjì, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe dé ìdajì.